Ẹni tí kì í kọ iṣẹ́: kí lẹ máa ń wò kí ó tó dùbúlẹ̀?

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Igbákejì mánéjà ni mí ní ilé ìtọ́jú arúgbó kan, èmi ni mo sì ń ṣe rótà. Olórí ṣíífù kan wà lábẹ́ mi tí kì í kọ iṣẹ́, fíísà òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ló sì ń lò. Bí ẹnì kan bá pè láàárọ̀ pé ara òun kò yá, tí mo bá fi í sórí Wásáàpù, kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ ló ti dáhùn pé òun ń bọ̀. Kì í pẹ́ dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Bí mo bá bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́, á ní "A dúpẹ́, àǹtí." Ara mi ṣáà ń fu, àmọ́ n kò rí ohun tí mo lè nàka sí. Kí lẹ máa ń wò láti mọ̀ pé àárẹ̀ iṣẹ́ ti ń mú èèyàn?

Alájọ Pẹ́kámù
Àbúrò, ẹ ṣọ́ra o. Wákàtí 20 péré ni òfin fíísà gbà lọ́sẹ̀. Ẹ ní kó jáwọ́ nínú iṣẹ́ kejì yẹn kíákíá kó má baà kó bá ara rẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kò ní iṣẹ́ kejì. Ọ̀dọ̀ wa náà ló ti ń ṣe àfikún. Wákàtí 20 tí ẹ ń sọ, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń kà á sí. Èyí tó bá ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á wọlé kò sí nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Lútìnì
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó, ẹ má da ara yín láàmú. Oòrùn ìlú yìí kò tó awọ dúdú. Kó máa lo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ìyá Ìbejì, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, n ó sì padà sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá Ọmọ Àkúrẹ́ lóhùn, torí ìlera òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ mi.

Àbúrò, ojú rẹ̀ lẹ ń wò, ojú yẹn ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́ kẹ́yìn. Bí agbára rẹ̀ bá ti ń dín kù, á lọ mú un níbòmíràn kí iṣẹ́ má baà hàn. Oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń kọ́kọ́ mú kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín àti àwàdà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìsinmi ọdún rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àkókò tó yẹ kó fi lọ sílé. Nítorí náà, ẹ má béèrè pé ṣé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ẹ béèrè pé kí ló ń ná an kó tó dára.

Ẹ kó àkọsílẹ̀ mẹ́ta jọ: rótà ọ̀sẹ̀ 17, iye ìsinmi tó kù fún un, àti àkókò tó ń tẹ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú sínú ẹ̀rọ. Kí ẹ kọ wákàtí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kọjá síbí.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Ṣíífù mẹ́ta oníwákàtí 12 ló wà nínú àdéhùn rẹ̀, wákàtí 36. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kọjá rèé: 36, 48, 48, 60, 48, 60. Ọ̀sẹ̀ 11 tó ṣáájú, 36 ni gbogbo rẹ̀. Mo ti wò ó, kò sí ibi tí a ti rú òfin.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Òfin àkókò iṣẹ́ ti 1998 ní kí òṣìṣẹ́ má kọjá wákàtí 48 lọ́sẹ̀, àyàfi bó bá fọwọ́ sí i pé òun fẹ́, àmọ́ àròpín ọ̀sẹ̀ 17 ni wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọ̀sẹ̀ 11 ní 36 jẹ́ 396. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí jẹ́ 300. Àpapọ̀ 696, ẹ pín in sí 17, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ 41. Ìwé yín mọ́. Àmọ́ ẹ pín 300 sí mẹ́fà: 50. Ara kò mọ àròpín ọ̀sẹ̀ 17, oorun tó pàdánù lóṣù yìí ló mọ̀. Mánéjà tó bá ń wo ìlà òfin nìkan á máa rò pé àyè ṣì wà, nígbà tí ẹni náà ti ń fi eegun ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń lọ. Bí iṣẹ́ bá ga lọ́sẹ̀ kan tó sì padà sílẹ̀, ìyẹn kò burú. Tirẹ̀ gòkè láti 36, kò sì sọ̀kalẹ̀ débẹ̀ mọ́. Ìsinmi ńkọ́?

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Ọjọ́ méjì péré ló ti lò láti oṣù kẹrin. Ó fagi lé ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí èèyàn wa méjì ṣàìsàn, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí báyìí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ náà. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, bó bá ti fún ẹnì kan lóúnjẹ tàbí tó wẹ̀ ẹ́ tán ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, 09:10, 11:25, 13:40, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ wà láàárín 19:45 sí 20:50. Aago mẹ́jọ alẹ́ sì ni ṣíífù ń parí! Gbólóhùn kan náà ló wà fún èèyàn mẹ́fà: "Ó jẹun dáadáa, ara rẹ̀ balẹ̀."

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ẹ ti rí ohun tí ẹ lè nàka sí nìyẹn. Ẹni tó ń kọ nǹkan bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń kó o jọ di alẹ́. Ohun tó fà á ni pé ní ọ̀sán, gbogbo agbára tó kù ló ń lò fún àwọn arúgbó, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù fún kíkọ. Gbólóhùn kan náà fún èèyàn mẹ́fà, ẹ má pè é ní ìwà ọ̀lẹ. Ọpọlọ tó ti rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tuntun mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi alẹ́ náà tún wà ńbẹ̀. Bó bá kúrò ní 20:50, tó sì tún wọlé ní 07:40 láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 50 ló wà láàárín. Wákàtí 11 ni òfin ní kó fi sinmi. Ní orí rótà ẹ rí wákàtí 12, torí rótà kò mọ̀ pé ó dúró.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn tàíróòdù, àtọ̀gbẹ, gbogbo wọn ló lè mú kó máa rẹ èèyàn bẹ́ẹ̀. Kó lọ bá jíípìì fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ bí àyẹ̀wò bá mọ́, tí ẹ sì fi fítámì lé e lọ́wọ́, tí rótà kò yí padà, omi lẹ ń dà sínú apẹ̀rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà jọ àárẹ̀ iṣẹ́ yìí, ibi tí wọ́n sì ti wọnú ara wọn pọ̀. Àárẹ̀ tó bá wá láti ibi iṣẹ́ sábà máa ń so mọ́ iṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí kò bá lọ, ó ṣì lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí ayọ̀ bá ti kúrò níbi gbogbo, títí kan ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, dókítà ló ni ẹjọ́ náà. Bó bá sì ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má dúró de ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Ìńgíláǹdì, kó pe 111 kó tẹ 2, tàbí kó pe àwọn Samaritans ní 116 123.

Ìyá Ìbejì Lútìnì
Mo ti gbọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n kó ṣáà jẹ ẹ̀fọ́.

Sísítà Kẹ́ǹtì
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ̀yin ọ̀gá kì í rí. Fíísà kan náà lèmi náà ń lò. "A dúpẹ́" tí a ń sọ yẹn, odi ni. Bí iṣẹ́ bá já, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn. Ta ló fẹ́ kí ọ̀gá rò pé òun kò lágbára? Bí ẹ bá wá torí àánú gé ṣíífù rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, owó ilé tó ń fi ránṣẹ́ lẹ gé. Àárẹ̀ yẹn kò ní lọ, ìpayà ni yóò kún un.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n má bi í ní "Ṣé o wà dáadáa?" Ìbéèrè yẹn ti ní èsì nílẹ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe ní òpin ṣíífù nígbà tó ń wá bọ́ọ̀sì, ẹ sì bi í ní ohun tí kò ṣeé fi "a dúpẹ́" dáhùn: "Aago mélòó lo jẹun kẹ́yìn lónìí?" "Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ tó kọjá, kí lo ṣe?" Bó bá ní òun sùn láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó sì tún jí pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Á ní rárá. Ẹ gbé mẹ́ta kalẹ̀ níwájú rẹ̀, bí àyẹ̀wò ìwé oògùn, kíkọ́ àwọn ẹni tuntun, àti bíbèèrè oúnjẹ fún ilé ìdáná. Ẹ wá ní: "Ọ̀kan ń kúrò lọ́wọ́ rẹ láti Mọ́ńdè. Èwo?" Kò ní láti kọ iṣẹ́ kankan, ó kàn ń yan ni.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Ti ṣíífù tí ẹnì kan kò bá wá ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti ń wọlé.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ẹ jáwọ́ nínú jíju ìpè sórí Wásáàpù fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ yá jù ni yóò máa kọ́kọ́ dáhùn, ẹ ó sì máa rò pé àǹfààní kan náà lẹ fún gbogbo wọn. Ẹ ṣe ìlà orúkọ. Ẹni tó bá gba àfikún lọ sí ìsàlẹ̀, a kò sì ní pè é mọ́ títí ọjọ́ méje yóò fi pé.

Sísítà Kẹ́ǹtì
Ọjọ́ méje yẹn ni mi ò fara mọ́. Èèyàn mìíràn wà tó lè ṣe 48 láìsí wàhálà, owó ló ń wá. Ẹ ṣe é fún ẹni tí ẹ rí àmì lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Bí ẹ bá ṣe é fún ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo ilé ló máa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń fi pamọ́ gan-an nìyẹn.

Alájọ Pẹ́kámù
Ẹ dákun, ọjọ́ 60 yẹn, ọjọ́ tó kúrò níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, àbí ọjọ́ tí lẹ́tà dé?

Sísítà Kẹ́ǹtì
Déètì tó wà nínú lẹ́tà Hóòmù Ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ wò, ẹ̀gbọ́n. Òun ni wọ́n máa kọ pé fíísà parí.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Líìdì
Mo ti dá ọ̀sẹ̀ ìsinmi tó fagi lé padà sórí rótà, mo sì ti wá ẹni tí yóò dúró dè é, kó má baà ní àwáwí. Lọ́la ni n ó pè é sí kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlà orúkọ yẹn, mi ò tíì mọ èyí tí n ó ṣe.