Kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin ni à ń jiyàn lé lórí: ṣé ẹ̀dà ínfọ́ìsì ọwọ́ mi tó láti fi gba owó mi?

Ọmọ Elépo, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni ọdún 23 ni mí, ọdún tó kọjá ni mo sì gba ṣọ́ọ̀bù epo pupa lọ́wọ́ ìyá mi nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, oníbàárà wa kan nílùú Oǹdó, tí wọ́n ti ń ra epo lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó mọ owó kà, ní kí n kó kẹ́ẹ̀gì 30 onílítà 25 ránṣẹ́ sí àwọn, ní 32,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 960,000. Wọ́n san 600,000 sílẹ̀, a sì jọ sọ ọ́ pé wọn yóò san 360,000 tó kù bí ọjà bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo kọ ínfọ́ìsì sínú ìwé onikábọ́ọ̀nù, mo ya ojú ìwé ti òkè fún awakọ̀, ẹ̀dà ti ìsàlẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ìṣojú mi ni àwọn alábàárù ṣe ka kẹ́ẹ̀gì ọgbọ̀n sínú ọkọ̀ ní gárèèjì.

Nígbà tí mo pè wọ́n fún owó tó kù, wọ́n ní kẹ́ẹ̀gì 26 ni àwọn gbà, nítorí náà 232,000 ni àwọn jẹ mí. Awakọ̀ sì ń búra pé gbogbo ẹrù ni òun já. Ìyá mi ní kí n má bá àgbàlagbà ṣe àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n 128,000 tí mo fẹ́ pàdánù yìí ju èrè tí mo rí lórí gbogbo epo náà lọ. Ṣé ẹ̀dà ọwọ́ mi yìí tó?

Alájé Ìsìnkàn:
Ó tó, àbọ̀ rẹ̀ sì tó. Ínfọ́ìsì ni ẹ̀rí ọjà. Bí ìwé bá ti sọ pé ọgbọ̀n ni, ọgbọ̀n náà ni. Gbé e lọ sí iwájú àwọn àgbà ọjà wọn ní Oǹdó, wọn yóò san án.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, ẹ̀tàn inú kẹ́ẹ̀gì pọ̀. Ọdún tó kọjá ni mo ra mẹ́wàá tí wọ́n ti fi iná tẹ ìdí wọn wọnú. Nígbà tí mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tèmi, kò sí èyí tí ó kún nínú wọn. Máa wo ìdí kẹ́ẹ̀gì dáadáa kí o tó sanwó.

Ọmọ Elépo:
Ẹ ṣé, màmá. Iye kẹ́ẹ̀gì ni ìjà wa, kì í ṣe ìwọ̀n epo inú rẹ̀.

Akọ̀wé Ilé-Ẹrù:
Ọdún 19 ni mo fi ṣe akọ̀wé ilé-ẹrù kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kò lè fara mọ́ ohun tí Alájé Ìsìnkàn sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà tí a kọ sílẹ̀ ni ínfọ́ìsì jẹ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ sọ ohun tí ìwọ ní o rán; kò sọ ohun tó dé, nítorí pé kò sí ẹni tó gba ọjà tó buwọ́ lù ú. Bí mo bá jókòó ìdájọ́, màá bi ọ́ pé ta ló gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọgbọ̀n yẹn, o kò sì ní lè dáhùn.

Ojú ìwé ti òkè, èyí tí awakọ̀ gbé lọ, ni kí o wá. Ẹni tó gba ẹrù ní láti kà á, kí ó kọ iye tí ó kà síbẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì kọ déètì, kí awakọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Bí ọjà bá dín, inú ìwé yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti lọ, ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú.

Ohun kejì ni owó ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gba owó lé lórí ní gárèèjì. Ta ló san owó yẹn, èló sì ni ó san?

Ọmọ Elépo:
Àwọn ni wọ́n san án nígbà tí ẹrù dé, 700 náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n ni. Wọ́n ní 18,200 ni àwọn fún awakọ̀ lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé Ilé-Ẹrù:
Iye owó kẹ́ẹ̀gì 26 gan-an nìyẹn. Kò sí awakọ̀ tí yóò já ọgbọ̀n kí ó sì gba owó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Oníbàárà rẹ kò purọ́ nípa ọjọ́ yẹn. Dẹwọ́ ìbínú rẹ, kí o sì lọ wo ìwé náà fúnra rẹ.

Ọmọ Elépo (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin):
Mo ti Oǹdó dé. N kò bá ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn. Ṣọ́ọ̀bù wọn kejì, tí ọmọbìnrin wọn ń mójú tó, ni mo ti bá a lára ìṣó ògiri, láàárín àwọn rìsíìtì iná. Ọmọ ilé-iṣẹ́ wọn ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun gba 26, mẹ́rin kù sí Òwénà. Táyà ọkọ̀ ni ó bẹ́ níbẹ̀, ọkọ̀ tó gba ẹrù náà kò sì lè kó o tán. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn kọ ọ́ sí, pẹ̀lú déètì ọjọ́ kejì sí i: "Mo gba 4, ọ̀kan jò." Awakọ̀ ti mú ìwé yẹn padà lọ kí ọmọbìnrin náà lè buwọ́ lù ú, ó sì gba owó ọkọ̀ rẹ̀, 2,800. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà padà sí ilé-ìwé rẹ̀ láìsọ fún ìyá rẹ̀.

Bí màmá tó ra epo náà ṣe kà á tán, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn kì bá tí sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn. Ojú ti èmi náà, nítorí pé mo ti pe awakọ̀ ní olè lójú àwọn èèyàn ní gárèèjì. Wọ́n san 344,000 lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dá 16,000 dúró nítorí kẹ́ẹ̀gì tí epo rẹ̀ dín tó ìdajì. Ta ni ó yẹ kí ó gbé e?

Alájé Ìsìnkàn:
Awakọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti jò.

Akọ̀wé Ilé-Ẹrù:
Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin ọjà títà, tí olùrà bá fún ọ láṣẹ láti fi ọjà ránṣẹ́, bí o bá ti kó o lé awakọ̀ lọ́wọ́, a sábà máa ń kà á sí pé ó ti dé ọwọ́ olùrà, àyàfi bí ẹ bá ti ṣe àdéhùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ínfọ́ìsì rẹ kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ìwọ ni o sì yan awakọ̀. Ṣé o tún wo ìdérí kẹ́ẹ̀gì kí ó tó kúrò ní Àkúrẹ́?

Ọmọ Elépo:
Mo ka kẹ́ẹ̀gì, n kò wo ìdérí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pín in sí méjì, ọmọ mi. Kí o sì mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ bẹ awakọ̀ yẹn.

Ọmọ Elépo:
Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, màmá. Ó gba ọtí, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbé ẹrù mi mọ́ bí ààyè kò bá sí nínú ìwé tí òun náà yóò ti buwọ́ lù ú.