Kí ni ká pe kíkà tí à ń kà kí ìkéde tó jáde?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Kí n tó fi ìkéde ránṣẹ́ sí fóònù àwọn ará àdúgbò wa, mo máa ń kọ́kọ́ kà á sókè, lẹ́yìn náà ni màá sáré wò ó gààràgà, bóyá ohun tí mo fẹ́ wí hàn. Ṣé a ní orúkọ fún méjèèjì, àbí “àtúnkà” ti tó?

Ògbufọ̀: Àtúnkà ti tó. Ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ ara rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe wo ló tún máa sá mọ́ ọn lọ́wọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ orúkọ tó ṣe kedere, ẹ pè é ní àkàsókè.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rédíò: Àbúrò, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Kíkà sókè a máa tú àṣírí gbólóhùn tó gùn jù. Nígbà tí mò ń ka ìròyìn, ibi tí èémí bá ti tán lẹ́nu mi ni mo máa ń fa ìlà sí, ibẹ̀ náà la ó sì gé e sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní mo kọ “E ma san owo fun akapo” láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá kà á fúnra mi, “ẹ máa san owó” lẹnu mi máa pè, torí ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Etí mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wá gbé e fún ará ilé kejì, ó lè kà á sí “ẹ má san owó”. Akápò á kàn jókòó ni. Bí mo bá kọ a méjì sínú “máa”, kò bá má sí wàhálà, kódà láìsí àmì. Nítorí náà, ìwé tí kò lámì, ohùn ẹlòmíì ló ń dán an wò. Èyí tó lámì, ẹ lè kà á fúnra yín, àmọ́ ohun tí àmì bá wí ni kí ẹ pè. Ariwo kọ́ là ń wá, gbígbọ́ ni. Èmi á pè é ní àkàgbọ́.

Ìyá tó ń kó ọjà láti Kùtọnu: Àtúnwọ̀n làwa ń pè é o. Ẹrù kì í kúrò lọ́wọ́ mi kí n má tún un gbé sórí ìwọ̀n... Ẹ má bínú, ìwé lẹ ń sọ! Mo rí “ránṣẹ́”, mo rò pé ẹrù ni.

Akọ̀wé: Ẹ ṣeun mà, ó fẹ́ jọra. Ìkejì gan-an ló ń dà mí láàmú. Pọ́ǹpù omi àdúgbò wa bàjẹ́, ilé kọ̀ọ̀kan máa san 5,000 náírà kó tó di Jímọ̀. Mo fi ìkíni àti àdúrà ṣáájú, mo sọ ìtàn bí a ṣe ra pọ́ǹpù, mo sọ ohun tí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ìsàlẹ̀ pátápátá lowó wà. Mo kà á sókè, ó dùn bí oyin. Èèyàn mẹ́rìnlá fèsì “Àmín”. Ẹni méjì sanwó.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rédíò: Àdúrà ni wọ́n rí, àdúrà ni wọ́n dáhùn. Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ṣé owó wà níbẹ̀? Ṣé ọjọ́ wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ fi han ẹni tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ gba fóònù padà, kí ẹ bi í pé, “Kí ni wọ́n ní ká ṣe?” Bó bá ní “wọ́n kí wa ni”, iṣẹ́ kù. Mi ò ní kí ẹ má kí èèyàn o. Ẹ kí wọn ní ìlà kan, kí owó tẹ̀ lé e, kí àdúrà gbẹ̀yìn.

Ògbufọ̀: Ó dáa, mo gbà pé méjì ni wọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi gààràgà sílẹ̀, àbùkù wà lára rẹ̀. Níléèwé a ní àkàyé. Àkàfìrí ń kọ́?

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rédíò: Mo rí i fìrí, ó kọjá fìrí. “Mo kà á fìrí” ṣàjèjì sétí mi. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù kọjá, ṣé ó kàwé ni? Wíwò ló wò ó. Àwòfìrí.

Ògbufọ̀: Àwòrán lèmi á kọ́kọ́ rò tí mo bá gbọ́ àwòfìrí. Mi ò kúrò lórí àkàfìrí.

Akọ̀wé: Ẹ máa bá a lọ, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tún un kọ: “Ẹ kú ilé o. Pọ́ǹpù omi ti bàjẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ san 5,000 náírà fún akápò, ó pẹ́ tán, Jímọ̀.” Mo fi han ọmọ mi, mo ka ení dé ẹẹ́wàá. Ó rántí owó, ó rántí ọjọ́. Mo ti fẹ́ fi í ránṣẹ́.

Ìyá tó ń kó ọjà: Jímọ̀ wo?