Fọ́tò páálí oògùn ibà: kí ni kí n kà fún màmá, kí sì ni kí n fi sílẹ̀ fún fámásísì?

Ọmọ Ìjerò (Adó-Èkìtì): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi tó wà n'Íjerò fi fọ́tò páálí oògùn kan ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ojú wọn kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀, kí n sì sọ iye tí wọ́n máa lò. Ohun tí mo rí ni “Artemether/Lumefantrine 80/480 mg” àti “6 Tablets”. Iná fóònù ti bo nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ tí àsìkò lílo oògùn náà máa parí, “EXP 08/202” nìkan ló hàn. Ẹnì kan tún fi bírò kọ “4 x 2” sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì (Ìkéré): Mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí àgbàlagbà ṣe ń lo oògùn yẹn nìyẹn. Ẹni tó fi bírò kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Fámásísì Adó: Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí màmá má lo mẹ́rin. Ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ 20/120 sí lára ni àgbàlagbà ń lo mẹ́rin mẹ́rin, hóró 24 ló sì máa ń wà nínú páálí rẹ̀. 20 lọ́nà mẹ́rin, 80 ni. 120 lọ́nà mẹ́rin, 480 ni. Hóró kan ṣoṣo nínú ti màmá yìí ti gba iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe. Ẹ tún wo iye tó wà nínú páálí: mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, 24 nìyẹn, mẹ́fà péré ló sì wà níbẹ̀. Ó jọ pé bírò yẹn ń sọ̀rọ̀ oògùn mìíràn.

Ọmọ Ìjerò, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé mẹ́rin mì, kí wọ́n mú páálí lọ́wọ́, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí oògùn yìí bá pọ̀ jù lára, ó lè da lílù ọkàn rú.

Ọmọ Ìjerò: Wọn ò tíì lò ó. Ọjọ́ tó fara sin yẹn ńkọ́? Ó jọ 7 lójú mi.

Fámásísì Adó: Ẹ má fi “ó jọ” kà á fún wọn. 1 àti 7 máa ń jọra nínú fọ́tò, 3 àti 8 náà, àmì kékeré tó wà láàárín 0 àti 5 nínú 0.5 sì lè pòórá kó di 5. Ohun tó hàn kedere ni kí ẹ sọ: orúkọ oògùn, 80/480 mg, hóró mẹ́fà, oṣù kẹjọ. Kí ẹ wá fi kún un pé, “Ọdún rẹ̀ kò hàn sí mi.” Bírò yẹn náà, ẹ sọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe ara ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára páálí.

Kí wọ́n tún un yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n pa iná fóònù. Kí wọ́n ya káàdì tí hóró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà mìíràn wọn kì í fi yíǹkì kọ ọjọ́ sí etí káàdì, wọ́n kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú ni. Bí wọ́n bá dagun rẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, yóò hàn.

Bàbá Ọ̀yẹ́: Oògùn ojú tèmi, 2027 ni wọ́n kọ sí i, mo sì ti ṣí i láti Kérésì. Ṣé mo ṣì lè máa kán an?

Fámásísì Adó: Bàbá, ọjọ́ yẹn wà fún ìgò tí a kò tíì ṣí. Ọ̀pọ̀ oògùn ojú kì í kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí a bá ṣí i. Ẹ má kán an mọ́.

Ọmọ Ìjerò: Fọ́tò tuntun ti dé. “EXP 08/2027” ló wà lára páálí, “EXP 02/2026” lára káàdì, nọ́ńbà “Batch” wọn ò sì bára mu. Màmá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìyá Ìbejì: Áà! Mi ò wo iye hóró tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ki káàdì bọ inú páálí mìíràn ni?

Fámásísì Adó: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mà, ó sì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò ò lè là á. Ibi tí kíkà tiyín parí sí nìyí, Ọmọ Ìjerò. Kí màmá má fọwọ́ kan oògùn náà. Kí wọ́n kó páálí, káàdì àti gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ bá fámásísì, nítorí àwọn oògùn kan wà tí a kì í dà pọ̀ mọ́ oògùn ibà yìí. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ibà? Bí ara wọn bá ń gbóná gidi, tàbí wọ́n ń bì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ.

Ọmọ Ìjerò: Wọn ò ṣe àyẹ̀wò. Kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n ti rà á. Ṣé ẹni tó ń tajà níbẹ̀ náà ò lè wò ó?

Fámásísì Adó: Kí wọ́n bi í bóyá fámásísì ni. Ọ̀pọ̀ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kì í ṣe fámásísì.

Ọmọ Ìjerò: Mò ń pè wọ́n lọ báyìí.