"Pákó àlẹ̀pọ̀": ọ̀kan ni, àbí mẹ́ta?

Ògbufọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn ọmọ káfíńtà, mo sì ti pe píláìwúùdù ní "pákó àlẹ̀pọ̀". Kí ni kí n pe ẹ́mùdíẹ́ẹ̀fù àti bílọ́ọ̀kù-bọ́ọ̀dù, tí ọmọ iṣẹ́ yóò fi lè mọ èyí tó yẹ fún wọ́dúróòbù láti ara orúkọ rẹ̀?

Olùkọ́-èdè:
"Àlẹ̀pọ̀" dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ìyẹ̀fun tí ayùn ń dà sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ́mùdíẹ́ẹ̀fù, nítorí náà "pákó oníyẹ̀fun" bá a mu. Ti bílọ́ọ̀kù-bọ́ọ̀dù kò le rárá: ọ̀pá igi ló wà nínú rẹ̀, kí a sì pè é ní "pákó ọlọ́pàá". Ní ti èyí tó yẹ fún wọ́dúróòbù, ẹ kàn sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó mú èyí tó le jù. Bí mo bá fi èékánná kan ẹ́mùdíẹ́ẹ̀fù, òun ló ń le jù lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì wúwo jù.

Ọ̀gá Káfíńtà:
Olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra pákó ọlọ́pàá, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọn yóò júwe fún un. Ohun tí ẹ rí kò kúkú ṣìnà, nítorí pé àwọn ọ̀pá igi tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n wá fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú méjèèjì. "Pákó abọ̀pánínú" ni èmi yóò pè é.

"Àlẹ̀pọ̀" gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n lẹ̀ ló yàtọ̀. Ìpele igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti píláìwúùdù, tí ìlà igi ìpele kan sì dábùú ìlà èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní "pákó onípele". Ti ẹ́mùdíẹ́ẹ̀fù kì í ṣe ìyẹ̀fun. Wọ́n máa ń fi ooru omi rọ ẹ̀rún igi, wọn a sì fà á ya sí fọ́nrán títí yóò fi rí bí òwú, kí wọ́n tó po àtè mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. "Pákó olówùú" ni mo fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ "le" ló kù. Nínú èdè wa, ohun tó le lè máà yi. Olówùú le, ṣùgbọ́n kò yi, torí pé fọ́nrán rẹ̀ kúrú, kò sì sí ìlà igi gígùn kankan nínú rẹ̀ tó lè gba ẹrù dúró. Onípele ló yi. Ẹ fi olówùú tó nípọn tó mílímítà 18 ṣe pẹpẹ aṣọ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, yóò dúró dáadáa. Ẹ wá fà á gùn dé 90, kí ẹ sì to aṣọ sí i bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: títẹ̀ rẹ̀ yóò tó ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́, yóò sì máa pọ̀ sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, kódà bí a kò fi aṣọ kún un. Abọ̀pánínú dára fún irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀, bí a bá ti rí i pé àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ na láti ògiri kan dé èkejì. Bí a bá gé e kí àwọn ọ̀pá náà dábùú, a ti sọ agbára rẹ̀ nù.

Ìyá Àdúgbò:
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ dákun, èwo nínú orúkọ wọ̀nyí ni kì í wú? Wọ́dúróòbù tí wọ́n kàn fún mi n'Íbàdàn fara ti ògiri balùwẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ilẹ̀kùn kò sì pa dé mọ́.

Ọ̀gá Káfíńtà:
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Olówùú ni tiyín. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ lò yẹn gan-an wúlò fún Ògbufọ̀, nítorí pé bí omi ṣe ń ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ yàtọ̀ síra: olówùú a wú, onípele a bó, abọ̀pánínú a sì máa wọ́. Èyí tó bá ti wú kì í padà sí bó ṣe wà, bó tilẹ̀ gbẹ. Etí tí a gé, pàápàá ti ìsàlẹ̀, ni omi ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú rẹ̀ tó ń dán. Ẹ ní kí wọ́n gé ibi tó wú kúrò, kí wọ́n fi igi gidi ṣe ìdí fún un kí ó má kan ilẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà di gbogbo etí, kí wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Bí ògiri náà bá ń sun omi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́-èdè:
Mo gba "olówùú" wọlé, mo sì fọwọ́ mú "ọlọ́pàá" kúrò. Àmọ́ ẹ sọ fún wa, Ọ̀gá: ṣé síkúrù kò yẹ kó dúró jù nínú ohun tó le?

Ọ̀gá Káfíńtà:
Ó sinmi lórí ibi tí ẹ gbà wọlé. Síkúrù máa ń dúró lójú olówùú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dè é gba etí rẹ̀ láìkọ́kọ́ lu ihò, etí náà a là bí awẹ́ obì. Fún síkúrù mílímítà 4, ihò mílímítà 3 ni mo máa ń lù, n kì í sì í sún mọ́ igun ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Onípele gba síkúrù lójú àti létí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ojú ló dára jù. Abọ̀pánínú ló ń tan ènìyàn: ẹ̀gbẹ́ tó bá ọ̀pá rẹ̀ lọ dì í mú gírí, ṣùgbọ́n ní orí ọ̀pá, ó máa ń yọ̀ kíákíá. Bí síkúrù bá sì bọ́ sí àlàfo láàárín ọ̀pá méjì, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n, torí pé yóò kàn ṣàdédé fẹ́rẹ̀.

Mo tún ilẹ̀kùn olówùú kan ṣe láìpẹ́ yìí, tó ga ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ìwúwo rẹ̀ tó kílò 15, híǹjì mẹ́ta péré ni wọ́n sì fi gbé e. Ẹni tó ni ín ti tú u, ó sì ti tún un dè nígbà mẹ́ta láti kó o kiri ilé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí síkúrù bá jáde ni ó ń lọ fọ́nrán tó yí i ká di lẹ́búlẹ́bú. Síkúrù tó nípọn jù kọ́ ni mo fi sí i. Mo gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí mílímítà 10, mo fi gọ́ọ̀mù kan èèkàn igi líle sínú rẹ̀, mo jẹ́ kí ó sùn mọ́jú, mo lu ihò tuntun sínú èèkàn, mo sì fi híǹjì kẹrin kún un. Ká ní onípele ni, bóyá ni yóò ti yọ̀.

Ògbufọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. "Onípele" àti "olówùú" ti wọ ìwé náà. "Abọ̀pánínú" gùn lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n n ó lò ó. Èyí tó ń dà mí láàmú báyìí ni "máríìnì bọ́ọ̀dù". Ṣé kí n pè é ní "onípele aláìbómi"?

Olùkọ́-èdè:
"Aláìbómi" kò yé mi. "Akọmi" yá jù.

Ọ̀gá Káfíńtà:
Èmi kò fara mọ́ "akọmi". Àtè rẹ̀ ló kọ omi, igi inú rẹ̀ ṣì lè jẹrà bí ó bá ń rin gbingbin nígbà gbogbo. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa gé ègé kékeré, n ó sè é nínú omi fún wákàtí mélòó kan. Bí ìpele rẹ̀ bá ti bó, n kò ní san owó máríìnì fún un.

Olùkọ́-èdè:
"Onípele atèkọmi", nígbà náà?

Ìyá Àdúgbò:
Èyí tí káfíńtà mi bá lè pè ni kí ẹ kọ.