Òfo, òfìfo àti òdo: èwo ni AVERAGE kì í kà?

Olùkọ́ kan, Ọ̀fà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé ìtọ́sọ́nà Excel tí wọ́n túmọ̀ fún wa sọ pé "AVERAGE kì í ka òfo". Máàkì ọmọ mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ mi. AVERAGE fún mi ní 43.57. Mo fi AVERAGEIF yọ òfo kúrò, ó di 61. Ṣé òdo ni wọ́n ń pè ní òfo ni, àbí sẹ́ẹ̀lì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀? Èwo sì ni kí n kọ sínú ìwé èsì? Bí wọ́n ṣe wà nìyí:

```
B2  60      B7  ABS
B3  45      B8  55
B4  70      B9  80
B5  0       B10 0
B6          B11 50
```

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Ẹni tó túmọ̀ ìwé yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ wá jẹ́jọ́. Òdo ni máàkì. Òfìfo ni sẹ́ẹ̀lì tí a kò kọ nǹkan sí. Ẹ wo bí èdè ṣe fúnra rẹ̀ tún "fo" sọ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ kí ó má bàa ṣì yín lọ́nà, ẹ wá gé ọ̀kan dànù nítorí kí ọ̀rọ̀ lè kúrú. Èyí tó tún bí mi nínú jù ni pé nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi hàn mí, "òfò" ni wọ́n tẹ̀. Àdánù nìyẹn! Ṣé AVERAGE kì í ka àdánù ni? Àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa ní ìwé kíní kò ní gbà kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde lọ́wọ́ ọmọdé.

Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà, Ìlọrin:

Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Àṣìtẹ̀ ni àmì orí "òfò", ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ti òfo gan-an, mo dúró lé e. Bí ọdẹ bá lọ sígbó tí kò pa nǹkan kan, a ń sọ pé ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó lọ, ó ṣọdẹ, kò rí nǹkan mú bọ̀. Bí ìyẹn kì í bá ṣe 0, kí ni?

Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà yín láàmú. Mo rò ó pé ọmọ méje ló ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ tẹ `=COUNT(B2:B11)`, yóò sọ fún yín pé 7. Iye tí AVERAGE fi pín náà nìyẹn. Ó bára mu, 43.57 ni kí ẹ kọ.

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Ọ̀gbẹ́ni, 7 yẹn kì í ṣe 7 tí ẹ rò o. Mo bẹ Olùkọ́ kí wọ́n dáhùn nǹkan méjì fún mi kí n tó sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, nínú 0 méjèèjì, ọmọ wo ló jókòó ṣe ìdánwò? Ìkejì, ẹ wo B8 dáadáa: ṣé apá òsì ni 55 fara tì nínú sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn yòókù sì fara ti apá ọ̀tún?

Olùkọ́ kan, Ọ̀fà:

Òsì ni, màmá! Nǹkan aláwọ̀ ewé kékeré kan tún wà ní igun rẹ̀ lókè. Mo rò pé ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ tó wà ní B10 jókòó, ó kọ ìwé, gbogbo rẹ̀ ló gbà á ṣì. Ti B5 kò wá rárá, àìsàn ni. B6 àti ABS náà kò wá.

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kà á papọ̀. Àwọn tí AVERAGE kà ni 60, 45, 70, 0, 80, 0 àti 50. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 305, ó pín in sí méje, ó di 43.57. Ó fo B6 nítorí pé ó ṣófo. Ó fo ABS nítorí pé lẹ́tà ni. Ó tún fo 55 ti B8, nítorí pé lójú Excel, lẹ́tà ni 55 yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú tiwa, nọ́ńbà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ka ọmọ B5 tí kò wá, ó ní ọmọ náà gba 0.

Àwọn tó ṣe ìdánwò jẹ́ méje lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe méje yẹn. Ó yọ ẹnì kan tó wá, ó fi ẹnì kan tí kò wá dípò rẹ̀, iye wọn kò sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí COUNT nìkan kò fi lè tú àṣírí. Ẹ fi èyí tẹ̀lé e:

```
=COUNTA(B2:B11)-COUNT(B2:B11)
```

Ó yẹ kó fún yín ní 2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì méjì ní nǹkan nínú tí kì í ṣe nọ́ńbà. Ọ̀kan ni ABS, ẹ mọ ìyẹn. Ìkejì ni ẹ óò wá kiri títí ẹ óò fi bá B8. Ní ti òdo, `=COUNTIF(B2:B11,0)` yóò sọ iye tó wà, kì í sì í ka èyí tó ṣófo mọ́ ọn.

Ní ti 61 yín, ó dájú pé `=AVERAGEIF(B2:B11,">0")` ni ẹ lò. Ó yọ òdo méjèèjì dànù, títí kan ti ọmọ B10 tó jókòó. Ó wá ku 305 tí a pín sí márùn-ún. Ẹ ti fi ọmọ tó feelì pamọ́ kí kíláàsì lè dán. Kò sì mú 55 padà, nítorí pé AVERAGEIF kì í sọ lẹ́tà di nọ́ńbà.

Oníṣòwò, Ìpàta:

Àsàláámù àlékún o. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí. Gààrí ni mo ń tà, èmi kò mọ ti máàkì. Ọmọ mi ṣe Excel fún mi, iye kóńgò tí mo tà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀: 20, 0, 30, 0, 10. Ọjọ́ kẹfà, mo lọ síbi ìsìnkú, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, n kò kọ nǹkan kan. Ó ní ìpíndọ́gba mi jẹ́ 20. Mo ra ọjà lé 20 yẹn, ọjà ń wò mí lójú. Ṣé òfo náà ni?

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Wàálékún sàláàmù, Alhájì. Ọmọ yín ti fi `">0"` yọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò rà. Òdo tiyín, òótọ́ ni, ẹ má yọ ọ́. AVERAGE lásán á fún yín ní 12, ìyẹn 60 tí a pín sí ọjọ́ márùn-ún tí ẹ ṣí. Bó bá jẹ́ iye tí ilé yóò fi jẹun lójoojúmọ́ lẹ ń wá, ti ọjọ́ ìsìnkú náà wà níbẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́fà, ó di 10. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ló ń sọ èyí tí ẹ óò lò.

Olùkọ́, ẹ padà síbí. Ẹ ṣe ti B8 ná. Ẹ tẹ nọ́ńbà 1 sínú sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣófo, ẹ ṣe kọ́pì rẹ̀, ẹ tẹ B8, ẹ lọ sí Paste Special, ẹ yan Multiply. 55 á sáré lọ sí apá ọ̀tún. Bí kò bá lọ, á jẹ́ pé àlàfo kan tí ojú kò rí ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ́ lọ́tun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́lọ́mù C kún un, kí ẹ kọ W síwájú ẹni tó wá, K síwájú ẹni tí kò wá:

```
=AVERAGEIF(C2:C11,"W",B2:B11)
```

360 ni àpapọ̀, a pín in sí méje, 51.43 ni. Òdo ọmọ B10 wà nínú rẹ̀, ti B5 kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé B8, 50.83 ni yóò fún yín. Ó sún mọ́ èyí tó tọ́ débi pé ẹ kò ní fura.

Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà, Ìlọrin:

Kí ló dé tí ẹ kò kọ "wá" àti "kò wá", kí èdè wa lè hàn?

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Nítorí pé ẹnì kan á tẹ "wá", ẹlòmíràn á tẹ "wa", Excel kò ní kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Ọmọ tó wá á ti bọ́ sọnù nítorí àmì ohùn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n ń sá fún àmì ohùn nítorí ẹ̀rọ. Láyé tiwa, ẹni tí kò bá fi àmì sí i, ìlà pupa ni a máa ń fà sí abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n arábìnrin yìí ti jà fún mi. 0 tó wà ní B5 kò ṣẹlẹ̀ bí kò ṣe pé ẹnì kan sọ òfìfo di òdo.

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Bàbá, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́, ẹ tẹ B5, kí ẹ wo ìlà fọ́múlà lókè. Ṣé 0 ló wà níbẹ̀, àbí nǹkan tó jọ `=Sheet2!B5`?

Olùkọ́ kan, Ọ̀fà:

Sheet2 ni o! Olùkọ́ kíláàsì ló fà á wá látinú ìwé tirẹ̀. Mo lọ wò ó níbẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Akọ̀wé owó, Tánkẹ̀:

Mo fura sí i. Bí fọ́múlà bá tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo, 0 ni yóò gbé wá. Ẹ yí i padà sí èyí:

```
=IF(Sheet2!B5="","",Sheet2!B5)
```

AVERAGE á fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má lo AVERAGEA o, òun máa ń ka irú "" bẹ́ẹ̀ àti ABS sí 0. Bí B5 bá ti rí báyìí tí B8 sì ti di nọ́ńbà, AVERAGE lásán náà á fún yín ní 51.43, láìlo kọ́lọ́mù C. Èmi á ṣì fi C sílẹ̀, nítorí lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tí yóò rántí 0 tó jẹ́ ti àìsàn.

Ẹni tó túmọ̀ ìwé náà, Ìlọrin:

Bàbá, mo gbà pé màá yí ojú ewé yẹn padà. "Òfìfo" á wà fún sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n fún 0, "òfo" ni màá lò, n kò ní lo "òdo". Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọdẹ.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán:

Ṣé pé kí òfo jẹ́ 0 lójú ewé kan, kí òfìfo jẹ́ àìsí lójú ewé kejì, kí ọmọ ilé-ìwé wá fi "fì" kan ṣoṣo mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Kíkú ni n óò kú kí n tó gbà. Ọdẹ tìrẹ lọ sígbó, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣófo, a kò sọ pé ọdẹ ṣófo.

Oníṣòwò, Ìpàta:

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán àti Ìlọrin, àwọn ará Ọ̀fà ló ni ìjàkadì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Màmá Tánkẹ̀, bí mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì ọjọ́ nítorí òjò ńkọ́, tí n kò tà? Òdo ni, àbí kí n má kọ nǹkan kan?

Olùkọ́ kan, Ọ̀fà:

Mo ti rí 51.43, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kejì, òdo mẹ́rin ló wà, olùkọ́ wọn sì ti gba ìyípadà ibi iṣẹ́ lọ sí Pàtígi. Mo ti pè é, kò rántí àwọn tó jókòó. Ìwé ìdánwò wọn ni mo ń wá báyìí.