Wọ́n ti fèsì o: ìparí ọ̀rọ̀ lẹ́tà àjọṣe mi

"Báwo ni mo ṣe máa kọ ímeèlì sí òtẹ́ẹ̀lì tí ò mọ̀ mí rí, kí wọ́n má rò pé jìbìtì ni?"

Ohun tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn, nígbà tí mo fẹ́ fi ọṣẹ mi lọ òtẹ́ẹ̀lì kan. Òtẹ́ẹ̀lì náà ti fèsì! Ẹni tó ní kí n gé e kúrú gbìyànjú, àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ̀gbọ́n tó ń rajà fún òtẹ́ẹ̀lì ló là mí lóye: mo kọ orúkọ mánéjà gan-an, mo wá ní "Ọ̀rá lẹ fi ń di ọṣẹ inú yàrá yín, pépà lèmi ń lò, ṣé kí n fi mẹ́fà ránṣẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò?" Mi ò so fáìlì kankan mọ́ ọn, mo sì fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ mi sísàlẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Wọ́n ti gba sáńpù, a ò tíì sọ̀rọ̀ owó.