Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò ilé Mọ́níyà yìí

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láńlọ́ọ̀dù kan gbé fílátì oníyàrá mẹ́ta fún mi ní Mọ́níyà pé kí n bá òun wá ayálégbé, ọ̀rọ̀ tí bàbá ní kí n kọ sí i nìyí: "Fílátì aláràbarà, yàrá tó fẹ̀ dáadáa, àdúgbò tó tòrò minimini, iná kì í lọ, omi tọ̀sán tòru, ìṣẹ́jú márùn-ún sí ibùdó rélùwéè." Ilé yẹn dáa o, àmọ́ mo mọ̀ pé tí ẹnìkan bá wọkọ̀ láti Èkó wá wò ó nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ló máa bínú sí. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí bàbá ò fi ní gba ilé lọ́wọ́ mi?

Ìyá Ìbejì:
Ti iná yẹn ò le rárá, kọ "Bándì A" kó o fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀, iná ò ń lọ nìyẹn. "Aláràbarà" àti "tòrò minimini" ni kó o yọ dànù, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́.

Bọ̀dá Ẹ́jẹ́ǹtì:
Ẹ ṣeun mà, àmọ́ ọ̀rọ̀ Bándì A yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Wákàtí 20 lójúmọ́ ló kéré jù tí wọ́n ṣèlérí, kì í ṣe wákàtí 24, bí wọ́n tilẹ̀ ti gbówó ẹ̀ lérí ní oṣù kẹrin 2024. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ni wọ́n sì fi ń pín in, kì í ṣe àdúgbò fúnra ẹ̀, ilé méjì tó kọjú síra lè má sí lórí fídà kan náà. Àbúrò, gba rìsíìtì tí wọ́n fi ra iná kẹ́yìn lọ́wọ́ bàbá, bándì máa ń hàn lára ẹ̀. Lẹ́yìn náà bi ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé lánàá, ìgbà wo niná dé, ìgbà wo ló lọ. Kọ ọ́ bóyá fílátì kọ̀ọ̀kan ló ní mítà tiẹ̀, torí ìjà mítà àjọlò ló ń lé ayálégbé jáde ju òkùnkùn lọ.

"Yàrá tó fẹ̀" yẹn, mú tépù lọ. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn wọ́dúróòbù ni kó o wọ̀n, ibẹ̀ lèèyàn máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Omi náà, ṣé kànga ni àbí bọ́ọ̀hóòlù, fílátì mélòó ló ń pín in, tí iná bá lọ kí ni wọ́n fi ń fà á? Bi wọ́n pé inú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ńkọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún wá burú jù, ṣé ọ̀kadà ni àbí ẹsẹ̀? Fi máàpù orí fóònù wọ̀n ọ́n láti géètì gan-an, kì í ṣe láti títì.

Álíhájì Onílẹ̀:
Èmi náà ní irú ẹ̀ o, ilẹ̀ ni mò ń tà l'Ológunẹrú, mo kọ "ìwé pípé" sí i, síbẹ̀ wọ́n ń fìbéèrè pa mí.

Bọ̀dá Ẹ́jẹ́ǹtì:
Álíhájì, ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà là ń sọ níbí o. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, tó bá jẹ́ rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ àti sọ́fè ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Mọ́níyà:
Mo ti padà lọ síbẹ̀. Ẹ wo èyí:

"Fílátì oníyàrá mẹ́ta, Mọ́níyà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 11, ó ní ilé ìwẹ̀ àti tọ́lẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, méjì yòókù jẹ́ 10 ní 10, wọ́n jọ ń lo ọ̀kan. Bándì B, mítà fílátì yìí dá dúró. Bọ́ọ̀hóòlù kan fún fílátì mẹ́rin, tí iná bá lọ, gbogbo ilé ló ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Kìlómítà 3 sí ibùdó rélùwéè, ìdajì kìlómítà tó kẹ́yìn kò ní ọ̀dà, ó máa ń rọ̀ lójò."

Bándì B ló wà lórí rìsíìtì o, wákàtí 16 nìyẹn, bàbá gan-an ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó dáa, àmọ́ yọ ti ọ̀nà tó ń rọ̀ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kó o wá sọ ọ́ lórí fóònù. Tó o bá kọ ọ́ síta, kò sẹ́ni tó máa pè.

Bọ̀dá Ẹ́jẹ́ǹtì:
Mi ò fara mọ́ ọn mà. Ẹni tó ní káà kékeré ò ní gbé ibẹ̀ lójò, ìgbà wo ló fẹ́ mọ̀, lẹ́yìn tó ti sanwó ọkọ̀?

Ọmọ Mọ́níyà:
Mo fi han bàbá. Ó gba gbogbo ẹ̀ títí kan Bándì B, àfi ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn, ó ní òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n gbé e síta bó ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ó ní òun máa ro ó.